y(0) = 6, ìdáhùn mi bá a mu, síbẹ̀ ó ń gòkè nígbà tó yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀

ỌmọKíláàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdọ́gba tí wọ́n fún wa ni dy/dt = y(4 − y), wọ́n sì ní y jẹ́ 6 nígbà tí t jẹ́ 0. Mo kó gbogbo y sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo pín ìdá náà sí méjì, mo wá ṣe íntígírà:

```
(1/4)[1/y + 1/(4-y)] dy = dt
ln y + ln(4-y) = 4t + C
y(4-y) = K e^(4t)
```

Mo fi t = 0 àti y = 6 sí i, K wá jẹ́ −12. Nígbà tí mo yanjú rẹ̀ tán, mo rí y = 2 + √(4 + 12e^(4t)). Tí t bá jẹ́ 0, 6 gan-an ló ń fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ìdáhùn ni y = 12e^(4t)/(3e^(4t) − 1). Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀pá méjì inú lọ́ọ̀gì, | |, tó ń yọ àmì ìyọkúrò kúrò lára nọ́ńbà, ni mo gbàgbé. Mo fi wọ́n sí i, ìdáhùn mi àkọ́kọ́ náà ni mo tún bá. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Aláriwo

Lọ́ọ̀gì wo ni gbogbo yín ń kó sínú ọ̀rọ̀ yìí? y(4 − y) ni 4y − y². Íntígírà rẹ̀ ni 2y² − y³/3. Ó tán.

IyaÌṣírò

@Aláriwo, ẹ tún ìbéèrè yẹn kà. dt ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe dy. Ẹ ò lè ṣe íntígírà y bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni aago. Ohun tí ọmọ yìí ṣe nígbà tó gbé y(4 − y) lọ sísàlẹ̀ dy tọ̀nà, ibẹ̀ sì ni lọ́ọ̀gì ti wá.

@ỌmọKíláàsì, àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ rí ni kékeré. Ńlá ni èyí tó wà ní ìlà kejì, níbi tí o ti kọ ln y + ln(4 − y).

Mú ln(4 − y) kí o ṣe dífáréńṣíétì rẹ̀. Wàá rí 1/(4 − y), ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àkámọ́ ń dín kù bí y ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà −1 á bá a jáde. Ohun tí o rí gan-an ni −1/(4 − y). Ìyẹn ni pé íntígírà 1/(4 − y) gbọ́dọ̀ ní àmì ìyọkúrò níwájú: −ln|4 − y|. Lẹ́yìn náà, lọ́ọ̀gì méjèèjì kò ní di ìlọ́po mọ́, pípín ni wọ́n máa di:

```
ln|y| - ln|4-y| = 4t + C
ln|y/(4-y)| = 4t + C
```

Wo bí àmì kan ṣoṣo ṣe sọ y/(4 − y) di y(4 − y). Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá méjì tí o fi sí i kò fi yí nǹkan kan padà. Àmì ìyọkúrò ló sọnù, ọ̀pá kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rú ọ lójú ni pé ìdáhùn rẹ fún ọ ní 6 nígbà tí t jẹ́ 0. Kò sí bí kò ṣe ní fún ọ ní 6, torí pé ìwọ fúnra rẹ lo fi 6 wá K. Àyẹ̀wò yẹn kò lè tú àmì tó sọnù fó láéláé. Èyí tó lè tú u fó ni kí o padà sínú ìdọ́gba tí wọ́n fún ọ. Tí y bá jẹ́ 6, y(4 − y) jẹ́ 6 × (−2), ìyẹn −12. y ń já wálẹ̀ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀. Wá ṣe dífáréńṣíétì ìdáhùn tìrẹ: 24e^(4t)/√(4 + 12e^(4t)). Ní t = 0, 24/4 ni, ìyẹn 6. Ìdọ́gba ní −12, ìdáhùn rẹ ní +6. Ó ti tú síta níbẹ̀.

Kòyíhùn

Mo fara mọ́ ti àmì ìyọkúrò yẹn. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pá méjì yìí, àsọdùn ni àwọn olùkọ́ ń ṣe. Mi ò fi í sí i rí, ìdáhùn mi kì í sì í yàtọ̀. C máa ń gbé àmì náà mì. ln(−3) àti ln 3, nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ló wà láàárín wọn, ẹ fi ìyẹn kún C, ó parí nìyẹn. Ọmọ yìí pàápàá, K rẹ̀ jẹ́ −12 láìsí ọ̀pá kankan, kò sì sí ohun tó ṣe é.

ỌmọKíláàsì

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti tún un ṣe. Mo fi t = 0 sí i: 6/(4 − 6) jẹ́ −3, ọ̀pá sọ ọ́ di 3, C wá jẹ́ ln 3. Mo yọ lọ́ọ̀gì kúrò, mo rí y/(4 − y) = 3e^(4t), èyí sì fún mi ní y = 12e^(4t)/(1 + 3e^(4t)). Ó ti jọ ti ìwé ìdáhùn, àmọ́ àmì tó wà nísàlẹ̀ yàtọ̀. Tí mo bá sì fi t = 0 sí i, 3 ló ń fún mi báyìí, kì í ṣe 6.

IyaÌṣírò

Ó dára tí o mú un dé ibí, torí ibi tí ọ̀pá ti wúlò nìyí. Nígbà tí o yọ lọ́ọ̀gì, ohun tí o ní lọ́wọ́ ni |y/(4 − y)| = 3e^(4t). O wá pa ọ̀pá rẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀pá kì í lọ lásán. Tí |A| bá jẹ́ 3, A lè jẹ́ 3, ó sì lè jẹ́ −3. Ta ló máa sọ èwo ni? Ìbẹ̀rẹ̀ ni: 6/(−2) wà lábẹ́ òdo, nítorí náà àmì ìyọkúrò ni o máa mú:

```
y/(4-y) = -3 e^(4t)
y = -3 e^(4t) (4 - y)
y (1 - 3e^(4t)) = -12 e^(4t)
y = 12 e^(4t) / (3 e^(4t) - 1)
```

Ní t = 0, 12/2 ni, 6. Bí t ṣe ń lọ jìnnà, 1 tó wà nísàlẹ̀ kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́, y á sì máa sún mọ́ 4 láti òkè. Ìyẹn bá ìdọ́gba mu, nítorí níbikíbi tí y bá ti ju 4 lọ, ó gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀.

Èyí tí ìwọ kọ, 12e^(4t)/(1 + 3e^(4t)), kì í ṣe ìdáhùn tó burú. Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹlòmíràn ni, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 3. Ṣé o rí i pé 3/(4 − 3) jẹ́ 3, 6/(4 − 6) sì jẹ́ −3? Ọ̀pá so àwọn méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ rẹ sì ni láti tú wọn padà.

@Kòyíhùn, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ jọ̀ọ́, kí n bù sí i láti ẹ̀gbẹ́ tèmi. Nínú iṣẹ́ ohun tó ń jábọ́ tí afẹ́fẹ́ ń dá dúró, a máa ń bá dv/dt = 10 − 2v pàdé. Tí nǹkan náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v = 8, ó ti yá ju 5 tó yẹ kó dúró sí lọ, 10 − 2v sì jẹ́ −6. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń kọ ln(10 − 2v), wọ́n á fi 8 sí i, ẹ̀rọ ìṣírò á ní àṣìṣe wà, wọ́n á wá máa wo ara wọn.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mi ò kì í kọ C rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi ààlà sí íntígírà náà, láti 8 dé v ní ẹ̀gbẹ́ kan, láti 0 dé t ní ẹ̀gbẹ́ kejì:

```
-(1/2) ln[ (10-2v)/(-6) ] = t
(10-2v)/(-6) = e^(-2t)
v = 5 + 3 e^(-2t)
```

Òkè wà lábẹ́ òdo, ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ òdo, tí a bá pín wọn, wọ́n á ju òdo lọ, lọ́ọ̀gì ò sì ní bínú. Kò sí pé mò ń yan àmì. Ẹ kíyè sí 1/2 tó wà níwájú yẹn náà o. Àmì ìyọkúrò àti 2 jọ jáde látinú −2v ni. Àwọn kan máa ń rántí 2, wọ́n á gbàgbé àmì.

IyaÌṣírò

Ẹlẹ́rọ, ọ̀nà yín mọ́ tónítóní. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí v kò bá kọjá 5 láàárín, kò sì ní kọjá rẹ̀ láéláé nínú ìdọ́gba yẹn, torí pé v á máa lọ́ra sí i bó ṣe ń sún mọ́ 5. Tó bá jẹ́ ti ọmọ yìí, y náà kò lè kọjá 4. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè á wà lókè.

Ní ti Kòyíhùn, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, kò kàn pé ni. Tí ẹ bá gbà kí nọ́ńbà àfinúrò i wọlé, ln(−3) jẹ́ ln 3 + iπ, iπ yẹn sì ni C ń gbé mì. Tí ẹ bá yọ ìkan kúrò nínú èkejì, bíi ln(−3) − ln(−1), iπ méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, ln 3 á ṣẹ́ kù. Èyí ni kò jẹ́ kí ìdáhùn yín máa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà: C yín kì í ṣe nọ́ńbà gidi mọ́, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ yín tó rí ln(4 − 6) máa dúró níbẹ̀, ó sì tọ́ kó dúró.

Ìdí tí ọ̀pá fi wà níbẹ̀ kò sì nira. 1/x wà fún x tó wà lábẹ́ òdo. Ẹ lè fi −5 sí i, −0.2 ni. ln x kò sí níbẹ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà gidi. A wá ń wá ohun tí dífáréńṣíétì rẹ̀ máa jẹ́ 1/x ní ẹ̀gbẹ́ òsì náà. ln(−x) ni: 1/(−x), ẹ fi −1 tó jáde látinú àkámọ́ lu ú, ó di 1/x. Nítorí náà ln x ló ń ṣiṣẹ́ lápá ọ̀tún, ln(−x) lápá òsì, ln|x| sì jẹ́ ọ̀nà láti kọ méjèèjì ní ìlà kan.

Kòyíhùn

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti gbà pé ìdáhùn ń jáde dáadáa. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń kọ, SymPy nìyí lójú mi báyìí:

```
>>> integrate(1/y, y)
log(y)
>>> integrate(1/(4-y), y)
-log(y - 4)
```

Kò sí ọ̀pá kankan. Ó tiẹ̀ tún yí 4 − y padà sí y − 4. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ ìṣírò ni?

ỌmọKíláàsì

Ẹ̀yin, èyí tún wá da mí lójú rú! Ìwé ní −ln|4 − y|, ẹ̀rọ ní −log(y − 4). Àmì inú ti yí padà, síbẹ̀ ti iwájú dúró síbi tó wà. Èwo ni ká gbà?

IyaÌṣírò

Gba méjèèjì, ṣùgbọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. |4 − y| àti |y − 4| kì í yàtọ̀, 2 ni 2 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà yíyí inú padà kò kan ti iwájú. Àmì iwájú wá látinú bí 1/(4 − y) ṣe jẹ́ −1/(y − 4), ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti mú un. Ẹ̀rọ náà sì ń ronú pẹ̀lú i, kò bìkítà bí inú lọ́ọ̀gì bá wà lábẹ́ òdo. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ìṣírò. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí iṣẹ́ rẹ bá wà láàárín àwọn nọ́ńbà gidi, ìwọ lo máa fi ọ̀pá sí i.

Tí o bá ń ṣiyèméjì nípa àmì iwájú, fi ààlà dán an wò. Ṣe íntígírà 1/(4 − y) láti 5 dé 6. Ní 5, −1 ni. Ní 6, −1/2. Gbogbo ọ̀nà náà ló wà lábẹ́ òdo, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín −1 àti −0.5. Ó jẹ́ −(ln 2 − ln 1), nǹkan bíi −0.693. Ẹni tó gbàgbé àmì máa rí +0.693, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kò sí bí ohun tó wà lábẹ́ òdo jálẹ̀jálẹ̀ ṣe máa para pọ̀ di ohun tó ju òdo lọ.

TánńjẹǹtìMi

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yín jọ ohun tó ń dà mí láàmú. Mo ṣe íntígírà tan x, mo rí −ln|cos x| + C. Ìwé ìdáhùn ní ln|sec x| + C, kò sí àmì ìyọkúrò níbẹ̀. Mo ti pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì ti yọ àmì mi. Ṣé mo tọ́?

Ẹlẹ́rọ

Ẹ má yọ ọ́ o! Ẹ dá a padà. sec x ni 1/cos x, lọ́ọ̀gì ohun tí a yí dorí kodò sì máa ń mú àmì ìyọkúrò jáde. −ln|cos x| àti ln|sec x|, ohun kan náà ni wọ́n. Tí ẹ bá yọ àmì tí ẹ sì fi cos sílẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ máa ṣàṣìṣe gidi. Ẹ fi x = 1 sí méjèèjì lórí ẹ̀rọ ìṣírò, pẹ̀lú rédíánì, nǹkan bíi 0.616 ni ẹ máa rí lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Kòyíhùn

Ó dáa. Mo ní ìbéèrè kan fún ìyá. Tí ọ̀pá bá ń yanjú ohun gbogbo bí ẹ ṣe ń sọ, íntígírà 1/x láti −1 dé 2: ln|2| − ln|−1| = ln 2. Mo ti lo ọ̀pá yín. Ṣé ó tọ̀nà?

IyaÌṣírò

Kò tọ̀nà, mi ò sì sọ pé ọ̀pá ń yanjú ohun gbogbo. Láàárín −1 àti 2, x kọjá òdo, 1/x sì fò gòkè láìsí òpin níbẹ̀. Ẹ gé e sí méjì. Láti −1 dé ibi tó kù díẹ̀ kó kan òdo, ó ń lọ sísàlẹ̀ láìdúró. Láti òdo sí 2, ó ń lọ sókè láìdúró. Ìkankan nínú wọn kò ní iye, ẹ ò sì lè ro méjì tí kò ní iye pọ̀ kó di ln 2. ln|x| kò lè sọdá òdo. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ kọ́ńsítáǹtì méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì, torí kò sí ohun tó dè wọ́n pọ̀.

Ẹlẹ́rọ

Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń rí i tí wọ́n gba ln 2 yẹn o, ìyá. Wọ́n á gé ìwọ̀n kan náà kúrò ní ọ̀tún àti ní òsì òdo, ìdá méjèèjì á pa ara wọn rẹ́.

IyaÌṣírò

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé ìlọ́po méjì lápá ọ̀tún, òdo lẹ máa rí dípò ln 2. Ìdáhùn tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń gé e, àdéhùn ni. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Kòyíhùn

Ti kọ́ńsítáǹtì méjì yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mi ò rí ìwé ìdánwò kan tó béèrè fún un rí, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yí mi lérò padà lórí rẹ̀.

ỌmọKíláàsì

Mo dán òmíràn wò kí n tó sùn, ìdọ́gba kan náà, àmọ́ y(0) = −1. Mo rí −1/(4 + 1) = −1/5, mo mú àmì ìyọkúrò, mo sì rí y = −4e^(4t)/(5 − e^(4t)). Ní t = 0, −1 ni. Mo tún wo bó ṣe ń rìn: ìdọ́gba ní (−1) × 5, −5, y ń wálẹ̀. Ìdáhùn mi náà ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi t = 0.5 sí i, mo rí nǹkan bíi 12.4. Báwo ló ṣe dé òkè?

IyaÌṣírò

Àmì rẹ tọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Wo ìsàlẹ̀: 5 − e^(4t) di òdo nígbà tí t jẹ́ (ln 5)/4, nǹkan bíi 0.402. Bí t ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, y ń já sí ìsàlẹ̀ láìsí òpin, ìdáhùn rẹ sì parí síbẹ̀. 12.4 tí o rí ní 0.5 wà lójú ọ̀nà ìdáhùn mìíràn, tó ń bọ̀ láti òkè sí 4. Ìlànà kan náà ló kọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti −1 kò débẹ̀. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn rẹ pé t gbọ́dọ̀ kéré sí (ln 5)/4.

Kí o tó sùn, wo ìlà àkọ́kọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. O fi y(4 − y) pín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 4 gan-an ńkọ́?

ỌmọKíláàsì

Á dúró sí 4. Mo fi òdo pín nìyẹn, ó wá bọ́ sọnù. Mo máa kọ y = 4 àti y = 0 lọ́tọ̀. Ẹ ṣé, mà.